Irin tó tán, irin tí wọ́n tì mọ́lé: ìfiwéra fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó

Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ sì ti pẹ́. Ohun tí mo máa ń rí jù lọ nínú báàgì àwọn tó wá gba èsì ni ìgò òògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ìju ń da ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ ń mu ún, ẹni tí oríkèé ara rẹ̀ ń wú ń mu ún, ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ife náà ń mu ún. Wọ́n ti sọ fún gbogbo wọn pé PCV wọn, ìyẹn ìpín tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀, wọ́n sì ti gbà pé ẹni tí PCV rẹ̀ bá wálẹ̀, irin ló ń wá. Fún àwọn kan nínú wọn, òótọ́ ni. Fún àwọn mìíràn, irin kún inú ara wọn, ọ̀nà àtijáde ni kò sí. Oògùn àwọn méjèèjì kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ni PCV nìkan kò lè sọ èwo ni èwo.

Mo ti kó ọ̀pọ̀ èsì tí mo ti rí pọ̀ di obìnrin méjì tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ń ta aṣọ, ẹni ọdún 38 ni. Ó ní ìju, nǹkan oṣù rẹ̀ sì máa ń tó ọjọ́ mẹ́jọ. Èkejì jẹ́ olùkọ́, ẹni ọdún 46. Làkúrègbé irú èyí tí ara fúnra rẹ̀ ń gbógun ti oríkèé ti ń bá a jà láti ọdún méjì, kò lè di ọwọ́ láràárọ̀ àfi tó bá ti tó wákàtí kan tó jí. Ó ń rẹ àwọn méjèèjì, àtẹ̀gùn kan péré á sì mú kí wọ́n máa mí hẹlẹhẹlẹ.

Ibi tí irin ń gbà

Gbogbo irin tó wà nínú ara àgbàlagbà jẹ́ gíráàmù 3 sí 4, ìwọ̀n ìṣó kan. Ara kò ní ọ̀nà tó fi ń da irin tó pọ̀ jù nù bó ṣe ń fi ìtọ̀ da iyọ̀ nù. Mílígíráàmù 1 sí 2 ló ń bá awọ ara àti awọ inú ìfun tó ń bó lọ lójúmọ́, iye yẹn náà ló sì ń gbà wọlé látinú oúnjẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré.

Ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn egungun, níbi tí sẹ́ẹ̀lì pupa ti ń jáde, ń béèrè fún nǹkan bíi mílígíráàmù 25 lójúmọ́. Níbo ni ìyókù ti ń wá? Ara ògbólógbòó sẹ́ẹ̀lì pupa ni. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Tó bá ti gbó, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí mo máa ń pè ní agbálẹ̀, tí wọ́n wà nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ọlọ inú lábẹ́ ìhà òsì, á gbé e mì, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á yọ irin inú rẹ̀, wọ́n á sì tún tà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń ra àjákù irin kiri àdúgbò gan-an ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ fi iye méjì yìí sọ́kàn: oúnjẹ ń mú 1 tàbí 2 wá, àwọn agbálẹ̀ ń mú ohun tó lé ní 20 wá. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àìtó ẹ̀jẹ̀ kò ju ohun tí a jẹ lọ ti gbójú fo ibi tí irin ti ń wá jù.

Irin kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Púrótéènì tó ń jẹ́ tiransifẹ́rìn ló ń gbé e, bí ọ̀kadà tó ń gbé èrò méjì, torí ìjókòó méjì péré ló ní. Gbogbo irin tó wà lórí àwọn ọ̀kadà yìí lẹ́ẹ̀kan náà kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 3 lọ, mùdùnmúdùn sì ń gba nǹkan bíi mílígíráàmù 1 ní wákàtí kan. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ká ní ẹnì kan dí ẹnu ọ̀nà gbogbo àwọn agbálẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, irin inú ẹ̀jẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, bí àká tilẹ̀ kún dẹ́nu.

Àká ọ̀hún ni fẹ́rítìn. Ó dà bí bọ́ọ̀lù tí inú rẹ̀ ṣófo, ẹyọ kan lè gba átọ́ọ̀mù irin tó tó 4,500. Díẹ̀ nínú fẹ́rítìn máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, èyí ni a ń wọ̀n láti mọ bí àká ṣe kún tó. Ó ní ibi tí ìwọ̀n yìí ti máa ń parọ́, màá dé ibẹ̀.

Ẹni tó ń yọ ilẹ̀kùn

Ì báà jẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun ni irin wà, ì báà jẹ́ inú agbálẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló lè gbà bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Fẹ́rópọ́tìn ni orúkọ ilẹ̀kùn náà. Ẹ̀dọ̀ sì ń ṣe họ́mọ̀nù kékeré kan, hẹpisídìn, tí kò ju amínò ásíìdì 25 lọ. Tí hẹpisídìn bá ti lẹ̀ mọ́ fẹ́rópọ́tìn, sẹ́ẹ̀lì náà á fa ilẹ̀kùn ọ̀hún wọnú, á sì rún un wómúwómú. Kì í ṣe pé wọ́n kàn fi kọ́kọ́rọ́ tì í o. Wọ́n yọ ilẹ̀kùn, wọ́n sì mọ ògiri dí ojú rẹ̀. Kí irin tó lè tún jáde, àfi kí sẹ́ẹ̀lì náà ṣe ilẹ̀kùn tuntun.

Ọdún 2004 ni Elizabeta Nemeth, Tomas Ganz àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi èyí hàn. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n fi hàn pé ohun tó ń pàṣẹ fún ẹ̀dọ̀ nígbà àìsàn ni IL-6, ọ̀kan nínú àwọn ońṣẹ́ tí ara ń rán nígbà tó bá ń jà. Wọ́n fa IL-6 sí iṣan àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Láàárín wákàtí díẹ̀, hẹpisídìn wọn fò sókè, irin inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì já wálẹ̀.

Ẹ̀rí tó wù mí jù ti ṣáájú ìyẹn. Lọ́dún 2002, àwọn dókítà ròyìn àwọn aláìsàn kan tí kókó hù sínú ẹ̀dọ̀ wọn, tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, tí òògùn irin kò sì ran. Kókó ọ̀hún fúnra rẹ̀ ló ń ṣe hẹpisídìn láìdákẹ́. Nígbà tí wọ́n gé e kúrò, àìtó ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Ìyẹn fi hàn pé hẹpisídìn nìkan tó láti sọ ènìyàn di aláìlẹ́jẹ̀.

Kí ló dé tí ara fi ń ṣe èyí síra rẹ̀? Irin ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Tí wọ́n bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ara á kó oúnjẹ kúrò nílẹ̀. Ọgbọ́n yẹn dára fún ìjà ọjọ́ mẹ́ta. Tí ìjà bá di ọdún méjì, bíi ti olùkọ́ wa, mùdùnmúdùn ni ebi ń pa. Kòkòrò ikọ́ ife tiẹ̀ tún gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: inú agbálẹ̀ gan-an ló ń gbé, níbi tí wọ́n kó irin pamọ́ sí.

Èsì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

| | Aláṣọ | Olùkọ́ |
|---|---|---|
| PCV (%) | 27 | 28 |
| MCV (fL) | 68 | 84 |
| Irin inú ẹ̀jẹ̀ (µg/dL) | 25 | 28 |
| TIBC (µg/dL) | 460 | 215 |
| TSAT (%) | 5 | 13 |
| Fẹ́rítìn (ng/mL) | 7 | 310 |
| CRP (mg/L) | 2 | 64 |

Ìlà irin inú ẹ̀jẹ̀ ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Iye méjèèjì lọ sílẹ̀, ìyàtọ̀ wọn kò sì tó nǹkan. Ẹni tó bá wo ìlà yẹn nìkan á kọ òògùn kan náà fún àwọn méjèèjì, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí i.

Ẹ wá wo TIBC. Iye ìjókòó tó wà lórí gbogbo ọ̀kadà nìyẹn. Nígbà tí irin tán lóòótọ́ lára aláṣọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tú ọ̀kadà púpọ̀ sí i sójú títì láti wá èrò kiri, nínú ìjókòó 100, 5 péré ló sì rí èrò gbé. TSAT nìyẹn: 25 tí a fi 460 pín. Ti olùkọ́ yàtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ ń jà máa ń dín tiransifẹ́rìn kù, nítorí náà ọ̀kadà kò pọ̀, èrò náà kò sì pọ̀. Àwọn méjèèjì ni TSAT wọn wà lábẹ́ 20, ṣùgbọ́n TIBC ń tọ́ka sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Fẹ́rítìn ló wá là á mọ́lẹ̀. Àká aláṣọ ti ṣófo pátápátá. Kò sí àìsàn mìíràn tó ń mú fẹ́rítìn wálẹ̀ tó 7, nítorí náà a lè gbà á gbọ́ láìjanpata. Ti olùkọ́ jẹ́ 310. Irin wà nínú àwọn agbálẹ̀ rẹ̀, hẹpisídìn ló ti yọ ilẹ̀kùn. MCV, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa, bá ìtàn náà mu: ti aláṣọ kéré bíi yangan tí kò rí òjò, ti olùkọ́ tóbi bó ṣe yẹ, iye rẹ̀ ni kò tó. CRP, púrótéènì tó máa ń gòkè nígbà tí ara bá ń jà, sì sọ ẹni tí ara rẹ̀ wà lójú ogun.

Èwo ni ká yàn?

Fún aláṣọ, òògùn oníhóró ni. Nígbà tí àká bá ṣófo, ẹ̀dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe hẹpisídìn rárá, gbogbo ilẹ̀kùn ìfun á ṣí sílẹ̀ gbayawu. Hóró férọ́ọ̀sì sọ́líféètì 200 mg ní ojúlówó irin tó tó 65 mg nínú. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè wọlé. Hóró kan fúnra rẹ̀ á mú kí hẹpisídìn gòkè fún bí ọjọ́ kan, nítorí náà hóró ọ̀sán àti ti alẹ́ ń bá ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ń yọ. Àwọn olùwádìí ní ìlú Súríkì fi èyí hàn lára àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí irin wọn kò tó, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015 àti 2017: èyí tí wọ́n lò ní ọjọ́ kan fo ọjọ́ kan, ìpín tó pọ̀ jù ló wọlé nínú rẹ̀. Hóró kan lójúmọ́, tàbí lọ́jọ́ kejì-kejì, tó fún un, inú rẹ̀ kò sì ní rún tó bẹ́ẹ̀.

Kí ó fi omi tàbí omi ọsàn gbé e mì, láìtíì jẹun. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa gba mọ́ọ̀tì tí a po mílíìkì mọ́ gbọ́ bí ẹní gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n kálísíọ́ọ̀mù inú mílíìkì ń dí irin lọ́wọ́, tíì sì burú jù ú lọ. Kí ó mu wọ́n ní ìgbà mìíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó yẹ kí PCV ti fi bíi 3 gòkè. Tó bá gòkè, òògùn ń ṣiṣẹ́. Kó máa bá a lọ fún oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí PCV bá ti pé, kí àká náà lè kún. Ìgbẹ́ tó di dúdú kì í ṣe ẹ̀rí pé òògùn ń ṣiṣẹ́, irin tí kò wọlé ló ń jáde bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì rọ̀, tó ń dán bí ọ̀dà, tó ń rùn kọjá ààlà, ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú nìyẹn, kó má fi falẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Àti pé bí ìju náà bá ṣì ń da ẹ̀jẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ló ń pọn omi sí.

Fún olùkọ́, hóró yẹn á wọ inú sẹ́ẹ̀lì ìfun, á bá ògiri pàdé. Kò ní rí ọ̀nà kọjá, sẹ́ẹ̀lì náà á sì bó lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, á gbé irin lọ sínú ìgbẹ́. Ó lè lò ó fún oṣù mẹ́fà kí PCV má sún. Èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan ń fo ìfun kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, àwọn náà sì nílò ilẹ̀kùn kí wọ́n tó lè tú u sílẹ̀. Ó wúlò nígbà tí irin bá dìídì dín kù mọ́ àìsàn náà, tàbí fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti rẹ̀. Kò sì yẹ ká fà á sí ẹni tí kòkòrò àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ti gbígba ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? PCV 28 kò tó bẹ́ẹ̀, àpò ẹ̀jẹ̀ kan sì ń kó irin mílígíráàmù 200 sí 250 wọnú ara tí kò lè dà á nù.

Ohun tó yẹ kó yàn ni ìtọ́jú làkúrègbé ọ̀hún, irú òògùn bíi mẹtotírẹ́sétì, lábẹ́ ojú dókítà. Bí ìjà bá rọlẹ̀, IL-6 á rọlẹ̀, hẹpisídìn á tẹ̀lé e, irin tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ á jáde. Òògùn kan wà, tosilísúmábù, tó ń dí IL-6 lọ́wọ́ tààrà, ẹ̀jẹ̀ àwọn oní-làkúrègbé tó ń gbà á sì máa ń gòkè láìsí pé ẹnikẹ́ni fún wọn ní irin.

Kí n má bàa fi hẹpisídìn ṣe alágbára gbogbo: ara tó ń jà tún ń dín bí mùdùnmúdùn ṣe ń gbọ́ àṣẹ ẹritiropoẹ́tìn kù, ìyẹn họ́mọ̀nù kíndìnrín tó ń sọ pé kí sẹ́ẹ̀lì pupa pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì pupa fúnra rẹ̀ sì ń tètè kú díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi lè má pé tán kódà nígbà tí irin bá jáde.

Olùkọ́, lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ

Ibi tó ń ṣòro jù rèé. Oríkèé ń dun olùkọ́, ó sì ń ra dikilofínákì fúnra rẹ̀ ní kẹ́mísìtì, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lórí òfo inú nígbà mìíràn. Èsì tuntun dé: PCV 24, MCV 75, irin 22, TIBC 290, TSAT 8, fẹ́rítìn 58, CRP 48. Lórí ìwé, fẹ́rítìn tó wà láàárín 13 sí 150 ni wọ́n kọ pé ó pé fún obìnrin, nítorí náà ẹ̀rọ kò fàmì sí 58. "Àká ń bẹ o, kò sí wàhálà," ni ẹni tó bá ń kánjú á sọ.

Irọ́ fẹ́rítìn tí mo ní màá dé ibẹ̀ nìyí. Ara tó ń jà máa ń ṣe fẹ́rítìn sí i láìka iye irin tó wà, bí ẹni ń kọ́ àká tí kò ní ọkà láti kó sínú rẹ̀. Pẹ̀lú CRP 48, a retí pé kí fẹ́rítìn rẹ̀ ga bíi ti àkọ́kọ́. Ó ti ti orí 310 já sí 58, MCV ti kéré sí i, TIBC sì ti ń gòkè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ pé irin ń lọ. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé tọdún 2020 gbà bẹ́ẹ̀: fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, fẹ́rítìn tó bá wà lábẹ́ 15 ni àìtó irin, fún ẹni tí àìsàn ń bá jà, ààlà náà gòkè dé 70. Ọ̀pọ̀ dókítà tiẹ̀ ń lo 100. Olùkọ́ ti ní àìsàn méjèèjì pọ̀, irin tí wọ́n tì mọ́lé àti irin tó ń tán.

Níbo ló ń gbà lọ? Dikilofínákì ni kí a kọ́kọ́ fura sí, torí ó máa ń gbẹ́ egbò sínú ikùn, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ wò fún ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú ikùn.

Irú irin wo ló yẹ ká fún un báyìí? Àṣẹ méjì ń dé etí ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ìjà ní kó ṣe hẹpisídìn sí i, àká tó ń ṣófo ní kó dín in kù. Àṣẹ ti àká lè borí, nítorí náà òògùn oníhóró yẹ fún ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí PCV bá kọ̀ láti gòkè, ìgbà yẹn ni èyí tí wọ́n ń fà sí iṣan dára ju kí a máa fi hóró kún hóró lọ.

Ọ̀rọ̀ kan nípa fífa ẹ̀jẹ̀ náà: kí fẹ́rítìn, TSAT àti CRP jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ tí a fà láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, láìtíì lo hóró irin ọjọ́ yẹn, torí hóró lè gbé irin inú ẹ̀jẹ̀ sókè fún wákàtí díẹ̀. Ẹni tí ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, kó fún ara ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ná. Ibà nìkan tó láti ba gbogbo nọ́ńbà yìí jẹ́. Hẹpisídìn fúnra rẹ̀ ṣeé wọ̀n, àmọ́ iṣẹ́ àwọn ibùdó ìwádìí ló ṣì jẹ́ jù.

Ká ní olùkọ́ fi dikilofínákì sílẹ̀, tí wọ́n wo egbò ikùn rẹ̀, tó ń lo mẹtotírẹ́sétì, tó sì ń lo hóró kan lọ́jọ́ kejì-kejì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, èsì rẹ̀ lè rí báyìí: PCV 33, TSAT 21, CRP 7, fẹ́rítìn 45. Ọkọ rẹ̀ á na ìka sí fẹ́rítìn, á ní ṣé ẹ rí i pé ó ti wálẹ̀ láti 58. Ṣùgbọ́n ìjà tó ń fẹ́ 58 yẹn bí bàlúùnù ti rọlẹ̀, irin gidi ló wà nínú 45 yìí, ìjókòó ọ̀kadà tó rí èrò gbé sì ti ju ìlọ́po méjì lọ.